Köszönök ni tàbí köszönöm? Ẹ bá mi wo lẹ́tà mi sí ìdílé tó máa gbà mí sílé ní Debrecen

Arìnrìnàjò Èkó

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ èdè Húngárì. Lóṣù tó ń bọ̀, mo máa lo ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lọ́dọ̀ ìdílé kan ní Debrecen kí n lè kọ́ èdè wọn dáadáa. Olùkọ́ mi fa ìlà sí abẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́jọ nínú ímeèlì tí mo fẹ́ fi ránṣẹ́ sí wọn, ó ní mo ti da ìparí pàtó pọ̀ mọ́ ìparí àìpàtó, kò sì sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn wo ni mo ṣì, kí sì ló fà á?

```
Kedves Család!

Nagyon köszönök a levelüket. Lagosban lakom, és minden nap
olvasom egy rövid szöveget magyarul. Elolvastam a könyvet is,
amit ajánlották. Nagyon várok a találkozást, és szeretnék
megismerni a várost. Nem eszem húst, remélek, hogy ez nem baj.
Szombaton háromkor a Nagyállomáson várlak Önöket.
Köszönöm mindent!

Üdvözlettel:
```

---

Agbékọfí

Òfin rẹ̀ kò le rárá. Ọdún méjì ni mo fi gbé kọfí fún àwọn oníbàárà ní Budapest, ibi iṣẹ́ yẹn ni mo sì ti mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ kọfí kan á ní „Kérek egy kávét", ẹni tó bá fẹ́ kí n mú ìwé owó rẹ̀ wá á ní „Kérem a számlát". Bí ẹ bá ti rí *egy*, ìparí *-k* ni. Bí ẹ bá ti rí *a* tàbí *az*, ìparí *-m* ni.

Ẹ fi òfin yìí wo lẹ́tà yín. *Köszönök a levelüket* á di *köszönöm*, nítorí *a* wà níbẹ̀. *Olvasom egy rövid szöveget* á di *olvasok*, nítorí *egy* wà níbẹ̀. *Várok a találkozást* á di *várom*. Ẹ tún *lakom* àti *eszem* ṣe pẹ̀lú: kò sí *a*, kò sí *az*, nítorí náà *lakok* àti *eszek* ló yẹ kí wọ́n jẹ́.

---

Olùtúmọ̀

Mẹ́ta àkọ́kọ́ tí Agbékọfí tún ṣe tọ̀nà, ṣùgbọ́n ìdí tó fún un máa ṣì yín lọ́nà kí ọjọ́ tó lọ. Kì í ṣe *a* ló ń pàṣẹ fún ọ̀rọ̀-ìṣe, àbọ̀ ni. Ẹ wo gbólóhùn yìí: „A boltban kenyeret veszek", ìyẹn ni pé mò ń ra búrẹ́dì ní ṣọ́ọ̀bù náà. *A* wà níbẹ̀ kedere, síbẹ̀ ìparí àìpàtó ni ọ̀rọ̀-ìṣe gbà, torí pé ṣọ́ọ̀bù ni *a* bá lọ. Búrẹ́dì ni wọ́n ń rà, kò sì sí ẹni tó sọ pé búrẹ́dì báyìí ni. Bí ẹ bá tẹ̀ lé òfin tó sọ yẹn, ẹ máa kọ *veszem*, ẹni tó bá kà á á sì máa retí búrẹ́dì pàtó kan tí ẹ kò dárúkọ.

Nítorí náà, iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni kí ẹ wá ọ̀rọ̀ tó gbé lẹ́tà *t* sẹ́yìn nítorí pé òun ni ìṣe náà bá: *levelüket, szöveget, várost*. Lẹ́yìn náà ni ẹ óò wá bi ara yín bóyá ohun kan tí a mọ̀ ni tàbí èyíkéyìí.

Ọ̀rọ̀ *várok* yẹn gba àlàyé díẹ̀ sí i, torí pé mo fara gbá nínú rẹ̀. Ní ọdún àkọ́kọ́ mi níbẹ̀, ìyá àgbà tí mo háyà yàrá lọ́wọ́ rẹ̀ rí mi lẹ́nu ọ̀nà, tí mo ń wo òpópónà. Àpótí kan ló yẹ kí wọ́n gbé wá fún mi láti ilé ìfìwéránṣẹ́. Ó béèrè lọ́wọ́ mi pé „Várod a csomagot?", mo sì dáhùn pé „Várok." Ó dúró, àwo ọbẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó tún béèrè pé „Mire?" Ohun tó gbọ́ lẹ́nu mi ni pé mo kàn dúró síbẹ̀, ó wá fẹ́ mọ ohun tí mo dúró dè. *Várom* ni ì bá ti tó, torí pé *-m* yẹn nìkan ti gbé àpótí náà sínú, gẹ́gẹ́ bí *i* ṣe wà nínú „mò ń retí i" tiwa.

Ẹ tún kíyè sí ìbéèrè rẹ̀. Kò ní „Mit?", „Mire?" ló ní. Ọ̀rọ̀-ìṣe yìí ní ọ̀nà méjì. Èèyàn lè kọ *várok a találkozásra*, kò sì sí àṣìṣe nínú ìparí rẹ̀, nítorí *-ra* ti gba ipò *-t*, kò wá sí àbọ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ìdúró lásán nìyẹn, bí ẹni tó ń dúró de bọ́ọ̀sì. Ẹ̀yin ń fi ìdùnnú retí ìpàdé, *várom a találkozást* ni ẹ sì ń wá. Bí ẹ bá fẹ́ kí ó tún gbóná sí i, *alig várom a találkozást*.

---

Ìyá Ìbejì

Ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀ yín. Ṣé lẹ́tà ìpè tí wọ́n ń béèrè ní ẹ́ḿbásì nìyí? Bí òun bá ni, àwọn tó gbà yín lálejò ló yẹ kó kọ ọ́, kì í ṣe ẹ̀yin. Wọ́n fi èyí dá ọmọ àbúrò mi dúró pẹ́.

---

Arìnrìnàjò Èkó

Ẹ ṣé mà, lẹ́tà ìkíni lásán ni, ìwé ìrìnnà ti wà lọ́wọ́ mi.

Olùtúmọ̀, ẹ jọ̀wọ́, *lakom* àti *eszem* ńkọ́? Olùkọ́ mi kò fa ìlà sí abẹ́ àwọn yẹn. Ó sì fà á sí abẹ́ *várlak Önöket*, èyí tó yà mí lẹ́nu, nítorí ìwé tí mo fi ń kọ́ èdè náà sọ pé bí „èmi" bá ń ṣe nǹkan sí „ẹ̀yin", *-lak* tàbí *-lek* ni.

---

Olùtúmọ̀

Olùkọ́ yín mọ ohun tó ń ṣe. *Lakik* àti *eszik* wà lára àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe tí „òun" wọn máa ń parí sí *-ik*. Nínú ìkọ̀wé tó gún régé, „èmi" wọn ń gba *-m* kódà nígbà tí kò sí àbọ̀ kankan. *Lakom, dolgozom, eszem*: ìparí àìpàtó ni gbogbo wọn níhìn-ín, wọ́n kàn wọ aṣọ kan náà pẹ̀lú ìparí pàtó ni. Nítorí náà *Nem eszem húst* pé, ẹ má fọwọ́ kàn án.

Ní ti *várlak*, òfin inú ìwé yín tọ̀nà, ọ̀rọ̀ tí ẹ fi tẹ̀ lé e ni kò bá a mu. *-lak* wà fún *téged* àti *titeket*, àwọn tí èèyàn ń bá sọ̀rọ̀ láìsí ọ̀wọ̀. *Önök* jẹ́ ọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀ rẹ̀ kò rí bíi ti „ẹ" tiwa. Tiwa, a mú „ẹ̀yin" tó jẹ́ ti ọ̀pọ̀ èèyàn, a fi bọlá fún ẹnì kan. Tiwọn, wọ́n gbé ẹni náà kúrò níwájú wọn pátápátá, wọ́n sì ń lo ọ̀rọ̀-ìṣe „òun" àti „àwọn" fún un. Bí ẹ bá sọ pé ẹ ń retí *Önök*, lójú ọ̀rọ̀-ìṣe, bí ẹni pé ẹ ń retí „àwọn" ni, „àwọn" sì jẹ́ àbọ̀ pàtó. *Várom Önöket* ni. *Várlak Önöket* dà bí kí èèyàn dọ̀bálẹ̀ fún àgbà tán, kó wá pè é ní „ìwọ" kó tó dìde.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà ṣáájú èyí. Báwo ni wọ́n ṣe kọ̀wé sí yín? Ẹ wo ìparí ọ̀rọ̀-ìṣe wọn.

---

Arìnrìnàjò Èkó

Ìyá ilé ló kọ ọ́. Ó parí rẹ̀ pẹ̀lú „Szeretettel várunk!"

---

Olùtúmọ̀

Ó ti ń bá yín sọ̀rọ̀ bí ọmọ ilé nìyẹn. Bí ó bá fẹ́ fi ọ̀wọ̀ jìnnà sí yín, *Szeretettel várjuk* ni ì bá kọ, nítorí *Önt* ni yóò fara pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀, ìparí pàtó ni ì bá sì gbà. *Várunk* jẹ́ àìpàtó, *téged* ló fara pamọ́ síbẹ̀. Ohun tó máa ń rú àwọn tó ń kọ́ èdè yìí lójú ni pé *engem, téged, minket, titeket*, ìyẹn èmi, ìwọ, àwa, ẹ̀yin, kì í gba ìparí pàtó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tó dá yàtọ̀ ju èmi àti ìwọ lọ. Lẹ́tà kan péré, *n* tàbí *j*, ló sọ fún yín irú ojú tí ìyá náà fi ń wò yín.

---

Agbékọfí

Ẹ jẹ́ kí n ṣàtakò. „Szeretettel várunk" yìí ni wọ́n ń kọ sára ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù tuntun, fún gbogbo ayé. Kò túmọ̀ sí pé ìyá náà ń pè é ní ìwọ. Ní ti *eszek*, ojoojúmọ́ ni mo ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọmọ Budapest fúnra wọn, *lakok* náà bẹ́ẹ̀.

---

Olùtúmọ̀

Ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù yẹn, ẹ jàre mi níbẹ̀. *Mindenkit* ló fara pamọ́ síbẹ̀, àìpàtó ni òun náà. Kí a wo ìyókù lẹ́tà ìyá náà kí a tó dá ẹjọ́. Ní ti *lakok*, èmi náà ń gbọ́ ọ, mi ò sì ní bá ẹni tó sọ ọ́ jà. Ṣùgbọ́n nínú lẹ́tà tí èèyàn kọ pẹ̀lú *Önök*, sí ilé tí kò tíì dé rí, *lakom* ni èmi yóò kọ. Pàápàá, *eszek* ṣì ń dun etí ọ̀pọ̀ àwọn àgbà wọn.

---

Ọmọ Tíṣà

Èmi ní ọgbọ́n kan tó jẹ́ ti Yorùbá. Ẹ túmọ̀ gbólóhùn náà, kí ẹ fi „náà" tàbí „yìí" sẹ́yìn àbọ̀. Bí ó bá gbà á láìyí ìtumọ̀ padà, pàtó ni. „Mo dúpẹ́ fún lẹ́tà yín yìí": ó gbà á, *köszönöm*. „Mò ń ka àkọsílẹ̀ kúkúrú kan lójoojúmọ́": bí ẹ bá fi „náà" síbẹ̀, ó di àkọsílẹ̀ kan ṣoṣo tí ẹ ń kà láti àárọ̀ ọjọ́ dé àárọ̀ ọjọ́, nítorí náà *olvasok*. „Mo fẹ́ mọ ìlú náà": pàtó. Ọgbọ́n yìí kò tíì já mi kulẹ̀.

---

Arìnrìnàjò Èkó

Ó wúlò púpọ̀! Ṣùgbọ́n bí mo bá fi wo *amit ajánlották*, „ìwé náà tí wọ́n ní kí n kà", pàtó ló jẹ́. Kí ló dé tí olùkọ́ mi fi fa ìlà sí i?

---

Ọmọ Tíṣà

Bóyá àṣìṣe olùkọ́ ni. Ìwé náà ṣe pàtó, ẹ̀yin pàápàá ti kọ *a könyvet*.

---

Olùtúmọ̀

Kì í ṣe àṣìṣe olùkọ́. Ibí yìí gan-an ni ọgbọ́n „náà" ti máa ń já èèyàn kulẹ̀, mo sì fẹ́ kí a farabalẹ̀ wò ó, nítorí ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ṣe àṣìṣe yìí.

Awẹ́-gbólóhùn méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ní àbọ̀ tirẹ̀. Nínú ìkíní, *a könyvet* ni àbọ̀, *elolvastam* sì ni ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀. (Ẹ̀yin kò lè ṣi ìyẹn kọ, torí pé „èmi" nínú àsìkò tó ti kọjá kò ní ju ìrísí kan lọ: *elolvastam egy könyvet, elolvastam a könyvet*. Ọ̀pọ̀ àwa tí a kọ́ èdè yìí ló ti sá pamọ́ sábẹ́ rẹ̀.) Nínú ìkejì, *a könyvet* ti kọjá lọ. *Amit* ni àbọ̀ tí *ajánl* ní. Ẹ wo inú *amit* dáadáa: *mit* wà níbẹ̀, ìyẹn „kí ni?" Bí ẹ bá ń béèrè, „Mit ajánlottak?" ni ẹ máa sọ. Ẹni tó ń béèrè pé kí ni kò lè fi ìka tọ́ka sí nǹkan kan, nítorí náà àìpàtó ni ìdílé ọ̀rọ̀ yìí látòkèdélẹ̀: *mit, amit, valamit, semmit*. *Amit ajánlottak* ni. Ohun tí Yorùbá ń fi „náà" gbọ́, ìtumọ̀ ni. Ohun tí ọ̀rọ̀-ìṣe wọn ń wò ni irú ọ̀rọ̀ tó jókòó sí ipò àbọ̀.

Bí ó bá jẹ́ pé „èwo?" ni ìbéèrè náà, á yí padà: „Melyiket ajánlották?" Ẹni tó bi yín ní èwo ti ní ìwé mélòó kan níwájú rẹ̀.

*Mindent* náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Lójú tiwa, „gbogbo nǹkan" kò ku ẹyọ kan tí a kò mọ̀. Lójú tiwọn, ó bo ohun gbogbo láìtọ́ka sí ọ̀kan. *Köszönök mindent* ni ẹ óò fi parí lẹ́tà yín. Ẹ wá wò ó: ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà lẹ fi bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà, òun náà lẹ fi parí rẹ̀, ẹ sì ṣi í lẹ́ẹ̀mejèèjì, nítorí ìparí tó yẹ òkè lẹ gbé sí ìsàlẹ̀, ti ìsàlẹ̀ lẹ gbé sí òkè. Ó jọ pé ẹ ti kọ́ *köszönöm* àti *köszönök* sórí bí ọ̀rọ̀ odidi, láìwo ohun tó tẹ̀ lé wọn.

---

Ọmọ Tíṣà

Mo gbà fún *amit*. Ṣùgbọ́n *mindent* kò tíì yé mi. Mo ti rí *az összes könyvet olvasom*. Ṣé *az összes* kì í ṣe gbogbo ni?

---

Olùtúmọ̀

Òun náà ni, pàtó ni òun sì jẹ́, nítorí *az* wà lára rẹ̀, ó sì ń tọ́ka sí àwọn ìwé kan tí a mọ̀. *Mindegyiket* náà jẹ́ pàtó. Mi ò ní ìdí kan tó lè tẹ́ yín lọ́rùn tí *minden* kò fi bá wọn lọ. Ṣe ni mo gbà á bẹ́ẹ̀.

Ó ku méjì. *Szeretnék* kì í ṣe àṣìṣe fúnra rẹ̀: *szeretnék magyarul beszélni* tọ̀nà. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀-ìṣe tó parí sí *-ni* bá tẹ̀ lé e, tí òun sì ní àbọ̀ tirẹ̀, àbọ̀ náà á kọjá lórí rẹ̀, á lọ pàṣẹ fún ọ̀rọ̀-ìṣe iwájú. *A várost* jẹ́ àbọ̀ *megismerni*, síbẹ̀ *szeretném* ló máa dá a lóhùn: *szeretném megismerni a várost*. Ní ti *remélek, hogy*, ẹ gbọ́ *azt* tó fara pamọ́ síwájú *hogy*, bí „èyí ni mo ń retí, pé…" *Remélem, hogy ez nem baj.*

---

Adélé

Mo ti gbé pẹ̀lú irú ìdílé bẹ́ẹ̀ ní Szeged, mo sì fẹ́ sọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì sọ. Ẹ má tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Lẹ́tà tèmi, ẹlòmíràn ló fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní fún mi. Nígbà tí mo dé, wọ́n rò pé mo gbọ́ èdè náà yékéyéké. Bàbá ilé bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ̀rọ̀ òṣèlú fún mi nínú ọkọ̀, mi ò sì lè dá a lóhùn ju *igen* lọ. Ọjọ́ mẹ́ta ni ojú fi tì mí. Ẹ fi àṣìṣe méjì sílẹ̀ kí wọ́n lè mọ ibi tí ẹ dé.

---

Agbékọfí

Èmi fara mọ́ Adélé. Kò sí oníbàárà kankan tí kò yé nígbà tí mo bá ṣi ìparí sọ.

---

Olùtúmọ̀

Mo gbọ́ ìrora Adélé, ṣùgbọ́n ọgbọ́n rẹ̀ kò bá mi lára mu. Bí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n mọ ibi tí ẹ dé, ẹ kọ gbólóhùn kan pé *Még lassan beszélek magyarul*, pé ẹ ṣì ń sọ èdè náà díẹ̀díẹ̀. *Beszélek* rèé, àìpàtó, kò sí àbọ̀. Àṣìṣe tí èèyàn mọ̀ọ́mọ̀ fi sílẹ̀ máa ń di ti ọwọ́ rẹ̀. Lóòótọ́ ni wọ́n máa ń lóye ọ̀pọ̀ nínú wọn, ṣùgbọ́n ẹ rántí ìyá àgbà mi tó di àwo ọbẹ̀ mú lẹ́nu ọ̀nà.

---

Adélé

Gbólóhùn yẹn kò tó. Ẹni tó kọ ọ́ láìṣì ni wọn kì í gbà gbọ́.

---

Arìnrìnàjò Èkó

Mo ti gbọ́ tẹ̀yin méjèèjì. Mo tún gbogbo rẹ̀ ṣe, mo sì fi gbólóhùn tí Olùtúmọ̀ dámọ̀ràn kún un. Mo fi *Önök* sílẹ̀, nítorí mi ò lè kọ́kọ́ pe ìyá tí mi ò rí rí ní ìwọ, ì báà jẹ́ pé òun ti pè mí bẹ́ẹ̀. Èyí ni mo fi ránṣẹ́ lánàá:

```
Kedves Család!

Nagyon köszönöm a levelüket. Lagosban lakom, és minden nap
olvasok egy rövid szöveget magyarul. Még lassan beszélek.
Elolvastam a könyvet is, amit ajánlottak. Nagyon várom a
találkozást, és szeretném megismerni a várost. Nem eszem húst,
remélem, hogy ez nem baj. Szombaton háromkor a Nagyállomáson
várom Önöket. Köszönök mindent!

Üdvözlettel:
```

Ìyá náà dáhùn láàárọ̀ yìí: „Mi is nagyon várjuk a találkozást! Nyugodtan tegezz minket!" Ó ní àwọn náà ń retí ìpàdé wa, àti pé kí n máa pe àwọn ní ìwọ. *Várjuk* yé mi, ìpàdé náà ni àbọ̀ rẹ̀. Ṣé *tegezz* jẹ́ àìpàtó nítorí *minket*?

---

Olùtúmọ̀

Bẹ́ẹ̀ ni. Ká ní ìyá rẹ̀ àgbà nìkan ló ń sọ pé kí ẹ pè ní ìwọ ni, *tegezd* ni ì bá kọ. Ó ti fún yín láyè báyìí. Nínú ímeèlì tí ẹ óò kọ kàn, *levelüket* á di *leveleteket*, *ajánlottak* á di *ajánlottatok*, ẹ ó sì pa *Önöket* tì. *Várlak* tí olùkọ́ yín fa ìlà sí abẹ́ rẹ̀ ti wá rí ipò tirẹ̀ wàyí: *a Nagyállomáson várlak titeket*.